Lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìtumọ̀ tuntun: èdè wo àti ẹ̀ka ìmọ̀ wo ni kí n kọ síwájú?

Adùnọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, mo kí yín. Láàrin oṣù méjì sẹ́yìn, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìtumọ̀ 14. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, èsì náà kò sì ju pé wọ́n ti fi orúkọ mi pa mọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ kọ sí òmíràn tí mo mọ̀ pé ìwé ìṣègùn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, n kò sì fẹ́ kí èyí náà já sí asán.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún kẹta sì rèé tí mo ti ń túmọ̀. Yorùbá ni èdè abínibí mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi nílé-ìwé, mo sì gbé ọdún mẹ́rin nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ni mo fi gboyè ní yunifásítì, kì í ṣe ìmọ̀ ìtumọ̀, èyí sì wà lára ohun tó ń kó mi láyà sókè.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n mo túmọ̀ rẹ̀ síhìn-ín kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò:

"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ èdè. Atúmọ̀ èdè tó já fáfá ni mí, mo sì ń ṣiṣẹ́ láàrin Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Yorùbá, láti inú èyíkéyìí sí èyíkéyìí. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tí mo mọ̀ dunjú ni ìṣègùn, òfin, ìṣúná owó, ìpolówó ọjà, ìmọ̀ ẹ̀rọ, epo rọ̀bì, iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́, ẹ̀sìn, eré ìdárayá àti lítíréṣọ̀. Mo lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ 6,000 lójúmọ́, mo sì ṣetán láti gba iṣẹ́ nígbàkúùgbà. Ìwé ìtàn iṣẹ́ mi wà nínú àsomọ́."

Kí ni kí n yọ kúrò, kí ni kí n fi sílẹ̀? Ṣé ó sì yẹ kí n fi iye owó tí mò ń gbà sínú rẹ̀?

Alákàwé

Lójú tèmi, ẹ má yọ ohunkóhun kúrò. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń kó orúkọ wa jọ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí iṣẹ́ bá sì dé, wọn yóò tẹ orúkọ èdè àti ẹ̀ka ìmọ̀ sínú rẹ̀, yóò sì kó àwọn tó bá a mu jáde. Ẹni tí kò kọ "òfin" sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní pè é nígbà tí iṣẹ́ òfin bá dé. Mo kọ ẹ̀ka mẹ́sàn-án sílẹ̀ nínú tèmi, mo sì ń rí iṣẹ́ gbà. Ẹ kọ iye owó náà pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa fi àkókò yín ṣòfò.

Bàbá Àkọsílẹ̀

Adùnọ̀rọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti túmọ̀ èdè fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án kan wà láàrin rẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ni mò ń ka irú lẹ́tà yìí ní iléeṣẹ́ ìtumọ̀ kan, tí mo sì ń pinnu ẹni tí a ó fi ìdánwò ránṣẹ́ sí. N ó sọ bí mo ṣe ń kà á, kí ẹ lè rí ibi tí tiyín ti kọsẹ̀.

N kì í ka lẹ́tà náà tán. Àkọlé ímeèlì ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn méjì àkọ́kọ́. Ohun mẹ́ta péré ni mò ń wá: èdè tí ẹni náà ń túmọ̀ láti inú rẹ̀, èdè tí ó ń túmọ̀ sí, àti ohun tí ó mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bí n kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ojú mi tó dé ìlà kẹta, lẹ́tà náà ti di ti àkókò mìíràn, àkókò mìíràn náà kì í sì í sábà dé. Gbólóhùn yín àkọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ nífẹ̀ẹ́ èdè. Lẹ́tà tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wá wo "láti inú èyíkéyìí sí èyíkéyìí". Èdè mẹ́ta ní ìhà mẹ́fà. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ lè kọ Faransé débi tí Faransé ilé ìwòsàn yóò fi jáde lọ́wọ́ yín láìsí àbùkù, àti pé ẹ lè ti inú Faransé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó jẹ́ èdè abínibí yín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò mọ̀ yín. Ìlànà tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé èdè abínibí ẹni ni ènìyàn ń túmọ̀ sí. Nígbà tó bá rí ìhà mẹ́fà, ìhà méjì tó dára nínú wọn gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí.

Bákan náà ni ẹ̀ka mọ́kànlá yẹn rí. Ẹ kọ ìṣègùn sí iwájú, ṣùgbọ́n ẹ fi epo rọ̀bì àti eré ìdárayá bò ó mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́fà ni yín! Kò sí ibì kankan tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ nínú lẹ́tà yín, inú àsomọ́ ni ẹ fi pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ó ti lè sùn títí.

Ní ti ọ̀rọ̀ 6,000 lójúmọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ẹni tó ń túmọ̀ tí ó sì ń tún iṣẹ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò sábà máa ń ṣe bíi 2,000 sí 2,500, iye náà sì tún ń dín kù bí ìwé náà bá le. Nígbà tí mo bá rí 6,000, ohun tí mo máa ń rò ni pé ẹ̀rọ ló túmọ̀ rẹ̀, tí ẹni náà kàn fi ojú gbá a lọ.

Ọ̀rọ̀ Alákàwé kì í ṣe irọ́, àmọ́ fọ́ọ̀mù ni ó ń sọ, kì í ṣe lẹ́tà. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà máa ń kó orúkọ jáde. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù orí ìkànnì iléeṣẹ́ náà ni kọ̀ǹpútà ń kà, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ó ti máa sàmì sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ènìyàn ló ń ka lẹ́tà.

Ògbufọ̀ Ilé-Ẹjọ́

Ẹ kú ìjíròrò. Ìrírí mi ni pé kí ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ lè fi dúró sọ̀rọ̀ láìsinmi nínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì so ohùn yín tí ẹ gbà sílẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ohùn ni ilé-ẹjọ́ ń rà. Ẹ sọ pẹ̀lú bóyá ẹ lè ṣe é lórí fóònù. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ orí fóònù ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Ìyá Ìbejì

Ògbufọ̀ Ilé-Ẹjọ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ ẹnu ni ẹ ń sọ, iṣẹ́ orí ìwé sì ni Adùnọ̀rọ̀ ń wá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín rán mi létí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan, tí ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ èwo ni iṣẹ́ wọn gan-an. Adùnọ̀rọ̀, bí ẹ kò bá ṣe ògbufọ̀ orí ìdúró, ẹ kọ ọ́ ní kedere pé ìtumọ̀ àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ yín.

Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n a yà lórí ọ̀rọ̀ ìhà. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ìṣègùn, ẹ má yọ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ń ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fún aláìsàn láti kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí sí, nígbà tí wọ́n bá ń dán oògùn wò, kì í kọjá lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni méjì tí wọn kò jọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ẹnì kan yóò sì so méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn tí kò rí ìwé ti àkọ́kọ́ rí, kí ó tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá yẹn ni wọn yóò fi wé ti àkọ́kọ́ láti mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Ní ìkẹyìn, wọn yóò ka ti Yorùbá fún àwọn aláìsàn díẹ̀, bí ènìyàn márùn-ún sí mẹ́jọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tó yé wọn ni ohun tí a ní lọ́kàn.

Ó yẹ kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ni ó ṣe ìtumọ̀ àdápadà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló gbọ́ Yorùbá débi tí yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàrin "ó rẹ̀ mí" àti "ara mi kò yá"? Wọ́n ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń wá àwa tí a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ìdajì iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá, ìtumọ̀ àdápadà ni. Ká ní mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn pé kí n kọ ìhà kan ṣoṣo, n kò bá tí rí ọ̀kan nínú wọn.

Bàbá Àkọsílẹ̀

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín, ẹ sì ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Fún èdè tí àwọn atúmọ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ìlànà ìhà kan dúró ṣinṣin, àmọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ ni mo ń bójú tó jù lọ nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ó má kọ ìhà kejì náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Kí ó kọ ọ́ pé "Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ìtumọ̀ àdápadà nìkan". Gbólóhùn kékeré yẹn fi hàn pé ó mọ ohun tí iléeṣẹ́ náà ń lò ó fún. Ó tún yẹ kí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe àlọ kò lè ṣe àbọ̀ lórí ìwé kan náà, nítorí náà kí ó má ta méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtumọ̀

Ẹ dárí jì mí bí mo bá ń sọ ohun tí kò kàn mí. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé àwọn iléeṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ISO 17100, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìtumọ̀, kò lè gba ẹni tí kò bá ní oyè nínú ìmọ̀ ìtumọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé Adùnọ̀rọ̀ kò ní fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni?

Bàbá Àkọsílẹ̀

Àbúrò, bóyá apá kan ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín ni ẹ gbọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlànà náà, tó jáde ní ọdún 2015, là sílẹ̀ fún atúmọ̀ èdè, ọ̀kan péré nínú wọn sì ti tó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni oyè nínú ìmọ̀ ìtumọ̀. Èkejì ni oyè nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, pẹ̀lú ọdún méjì tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ láìlábọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọdún márùn-ún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí oyè rárá. Iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí. Adùnọ̀rọ̀ lè gba ọ̀nà kejì wọlé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: ọdún mẹ́ta tí ẹ sọ yẹn, ṣé iṣẹ́ òòjọ́ yín ni, àbí ẹ ń ṣe é mọ́ nọ́ọ̀sì?

Adùnọ̀rọ̀

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin àgbà. N kò mọ̀ pé ọ̀nà kejì wà. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, ọjọ́ ìsinmi ni mo sì ń fi túmọ̀. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń ṣe ìtumọ̀ nìkan. Ṣé kí n ṣì kọ ọdún mẹ́ta?

Bàbá Àkọsílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an: "ọdún mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ mi láìlábọ̀". Ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù ISO yóò rí ohun tó ń wá, kò sì ní kọ̀wé padà láti béèrè. Bí ẹ bá kọ mẹ́ta lásán tí ìwé ìtàn iṣẹ́ yín sì fi hàn pé ẹ ṣì wà nílé ìwòsàn ní ọdún àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ náà ni wọn yóò rí, gbogbo ohun tó kù ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò.

Alákàwé

Ó dára, mo gbà pé fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ ń fi ìhà àti ẹ̀ka dín ilẹ̀kùn kù fún ẹni tí kò tí ì rí iṣẹ́ rárá. Bí iléeṣẹ́ náà kò bá ní iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ó yẹ kí ó fi ẹ̀ka kejì kan sí i, ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀ka kejì dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó wà nítòsí àkọ́kọ́. Fún nọ́ọ̀sì, ìwé pélébé inú páálí oògùn wà nítòsí, ìwé ìlò ẹ̀rọ ìwòsàn wà nítòsí, ìkéde nípa ìlera àwùjọ náà sì wà nítòsí. Epo rọ̀bì jìnnà.

Adùnọ̀rọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: "ìṣègùn" nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù tí olùkópa nínú ìdánwò oògùn ń fọwọ́ sí kò jọ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ kò sì jọ ìlera ọpọlọ. Ẹ sọ irú ìwé tí ẹ ti túmọ̀ ní pàtó àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Orúkọ oníbàárà tó ni ìwé náà ni kí ẹ má ṣe dárúkọ, nítorí àdéhùn ìpamọ́ àṣírí tí ẹ fọwọ́ sí. Mo mọ ẹnì kan tó so ìwé oníbàárà kan mọ́ lẹ́tà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó kọ̀wé sí kò fún un níṣẹ́, wọ́n kàn sọ fún un pé ohun tó fi ṣe ti ẹlòmíràn ni yóò fi ṣe tiwọn náà.

Adùnọ̀rọ̀

Mo tún un kọ lálẹ́ àná. Ẹ bá mi wò ó. Àkọlé ímeèlì náà nìyí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ohun tó kù nínú rẹ̀:

```
EN>YO, FR>YO, YO>EN (BT)
```

"Ìtumọ̀ àkọsílẹ̀ ìṣègùn ni iṣẹ́ mi, láti Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sí Yorùbá, èdè abínibí mi. Mo tún ń ṣe ìtumọ̀ àdápadà láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ni mí fún ọdún mẹ́fà, mẹ́rin nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka aboyún àti ọmọ tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Méjì nínú ọdún mẹ́ta náà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi láìlábọ̀. Láàrin ọdún méjì yìí, mo ti túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí olùkópa mọ́kànlá, èyí tó gùn jù nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ 7,400, àti ìwé pélébé inú páálí oògùn tó lé ní ogún. Nínú àwọn fọ́ọ̀mù náà, mo ní láti wá ọ̀nà tí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ni yóò yan ẹgbẹ́ tí yóò wà nínú ìdánwò oògùn náà. 'Bí ẹni ṣẹ́ kèké' ni mo fi sọ ọ́, mo sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Mo ń túmọ̀ bí ọ̀rọ̀ 2,000 lójúmọ́, pẹ̀lú àtúnyẹ̀wò tèmi. Mo ń lo Trados Studio àti OmegaT. Mo lè ṣe ìdánwò kúkúrú."

Bàbá Àkọsílẹ̀

Ẹni tó kọ èyí ni n ó fi ìdánwò ránṣẹ́ sí. Ohun kan ló kù: Faransé. Gbogbo ẹ̀rí tí ẹ kó wá, ṣé láti Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Faransé dúró níbẹ̀ láìní ẹsẹ̀.

Adùnọ̀rọ̀

Ìwé pélébé mẹ́fà nínú wọn ló ti inú Faransé wá. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan.

Bàbá Àkọsílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́fà láti inú Faransé. Iye kékeré tó jẹ́ òótọ́ sàn ju kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa méfò.

Ògbufọ̀ Ilé-Ẹjọ́

Mo ti rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ṣùgbọ́n "bí ẹni ṣẹ́ kèké" yẹn ń dùn mí lọ́kàn. Ní ilé-ẹjọ́, ẹni tó bá gbọ́ "kèké" lè rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀mí òun ta. Ṣé kò sàn kí ẹ sọ pé "kọ̀ǹpútà ni yóò yàn án láìmọ ẹni tí ó ń yàn"?

Ìyá Ìbejì

Èmi náà ti lo kèké rí, àwọn aláìsàn tí a kà á fún kò sì rí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ kan ni ìyẹn, ẹgbẹ́ mìíràn lè gbà á sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú gbólóhùn náà yàtọ̀: ó gùn jù fún lẹ́tà. Bí ẹni tó ń kà á kò bá gbọ́ Yorùbá, tí ó sì ṣeé ṣe kó má gbọ́ ọ, kí ni yóò fi ọ̀rọ̀ "kèké" ṣe?

Bàbá Àkọsílẹ̀

Kò ní lò ó fún nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lẹ́tà náà, gbólóhùn yẹn nìkan ni ẹni tí kò tíì jókòó ti irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí kò lè kọ. Èmi yóò fi sílẹ̀, n ó sì gé e kúrú.

Onítẹ̀wé

Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ń kọjá lọ ni. Iṣẹ́ ìtòwé ni mo ń ṣe fún iléeṣẹ́ méjì, mo sì máa ń rí ibi tí lẹ́tà àwọn atúmọ̀ Yorùbá ti ń bàjẹ́. Lẹ́tà bíi "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní àmì kan ṣoṣo tó dá dúró fún wọn nínú kọ̀ǹpútà. "ẹ" ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó gbé àmì ohùn lé e lórí, nítorí náà fọ́ọ̀ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Bí ẹ bá fi "bí ẹni ṣẹ́ kèké" sínú lẹ́tà, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ara yín lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ìwé ìtàn iṣẹ́ ni kí ẹ sọ di PDF, kí fọ́ọ̀ǹtì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ fáìlì náà ni kí ẹ kọ láìsí àmì rárá, nítorí pé àwọn ìkànnì kan kì í gbà á. Atúmọ̀ Yorùbá tí orúkọ tirẹ̀ gan-an kò ní àmì lórí lẹ́tà máa ń fún mi ní iyèméjì, àmọ́ ìyẹn lè jẹ́ àṣejù tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtumọ̀

Kì í ṣe àṣejù o. Mo lọ wo tèmi báyìí, orúkọ mi kò ní àmì kankan níbẹ̀.

Alákàwé

Kò sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ owó. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀ pé kí ó kọ iye tí ó ń gbà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ tán kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n ń san, tí kò sì tó nǹkan.

Bàbá Àkọsílẹ̀

Mo lóye ìbínú yín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, lẹ́tà tó bá ní iye owó ni a máa ń fi wé ara wọn kí a tó ka ohun tó kù, ẹni tí owó rẹ̀ ga kì í sì í rí àyè sọ ìdí rẹ̀. Ẹ dúró títí wọn yóò fi béèrè, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ṣe ìdánwò.

Ìyá Ìbejì

Èmi máa ń kọ ọ́, Bàbá, n kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn tí kò lè san án kì í dá mi lóhùn, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbà pé ó yàtọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ti kún ọwọ́ rẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Adùnọ̀rọ̀

Mo fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé láìkọ iye owó, mo gé gbólóhùn kèké náà kúrú, mo sì fi àmì sí orúkọ mi. Wọ́n dáhùn ní ọjọ́ kẹta. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa àlọ, ìtumọ̀ àdápadà ni wọ́n béèrè bóyá mo lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ìdánwò ọ̀rọ̀ 280 ránṣẹ́ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín ló ṣẹ. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé "inú ń run mí". Ṣé kí n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe rí gan-an, àbí kí n fi ọ̀rọ̀ tí dókítà yóò lò sí i?

Ìyá Ìbejì

Bí aláìsàn ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ má bá a tún un ṣe. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ dókítà sí i, ẹ ti bo ohun tí wọ́n ní kí ẹ wá tú síta mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi àlàyé ṣókí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, àti pé kò sọ apá ibi tó ń dunni nínú ikùn.